Ẹni Tó Fẹ́ Gba Yàrá Iwájú

Ẹnikẹ́ni tó bá rí ilé tí bàbá mi kọ́ sí Òkòkòmáíkò yóò mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ló kọ́ ọ, nítorí fèrèsé pọ̀ níbẹ̀ ju ògiri lọ. Bíríkìlà ará Ègùn tó bá a mọ ọ́n sọ fún un pé bí wọ́n bá tún dá ihò kan sí i, òrùlé kò ní rí nǹkan dúró lé. Bàbá mi ní, "Fi ọ̀kan péré sí i." Ó máa ń sọ pé ilé tí èèyàn kò bá ti lè gbọ́ ẹ̀rín ọmọdé nínú rẹ̀ láti títì, kì í ṣe ilé, ibi ìkẹ́rùsí ni. Ó fi yàrá àti pálọ̀ kan síwájú, kí wọ́n kọjú sí ọ̀nà Àgbádárìgì, ó ní àwọn tó máa gba ibẹ̀ ló máa sọ ilé náà di ilé. Ó kú kó tó rí wọn.

Èmi àti ìyá mi ló kù síbẹ̀. Ìyá mi ń gbé yàrá tó fara ti yàrá iwájú, èmi ń gbé ẹ̀yìn. Yàrá iwájú wà lófìfo, alángbá sì ń ṣeré nínú rẹ̀ bí ẹni tó ti san owó ilé.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé nìgbà yẹn. Gbogbo èèyàn ń kọ́lé, ìjọba ń la títì ńlá, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá sì tò sẹ́nu èbúté Àpápá débi pé wọn ò rí ibi já a sí. Ẹni tó bá ní yàrá tó gbẹ, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì ń wá a kiri. Ọ̀kan nínú wọn wá láti Àjàngbàdì, ó wo yàrá iwájú wa, ó fọwọ́ kan ògiri, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun máa gba méjèèjì, òun á san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kàn jẹ́ pé òun á fi búlọ́ọ̀kù dí àwọn fèrèsé, kí òjò àti olè má baà wọlé.

Ìyá mi ò sọ pé rárá. Kí ni ká bá obìnrin opó wí? Èmi ni mo fárígá. Mo ní fèrèsé bàbá mi! Mo bú ẹkún, mo sì fìbínú dá ẹkún náà dúró. Ìyá mi ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀, pé láti ìgbà òjò ni a ti ń retí ayálégbé, wọ́n ń wá, wọ́n ń lọ. Ó ní bí mo bá lè rí ẹni tó máa gbé ibẹ̀ kí oṣù tó parí, ó dáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sìmẹ́ǹtì á wọlé.

Mo mọ ohun tó ń lé àwọn ayálégbé lọ. Ìyá mi ni. Kí ẹ máà rò pé èèyàn burúkú ni o. Kò sí ẹni tó lawọ́ tó o. Àmọ́ ó ka ìbéèrè sí ìwọ̀sí. Bí àlejò bá ní, "Màmá, omi ń kọ́?" ìyá mi á ní, "Ṣé omi lẹ wá rà ni àbí ilé lẹ wá gbà?" Bí wọ́n bá béèrè iná, á ní, "Iná ń bọ̀," bẹ́ẹ̀ òpó iná ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀ lẹ́bàá títì, koríko ti ń hù bò ó. Àlejò á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní òun ń bọ̀, a ò sì ní rí i mọ́.

Èmi ní tèmi, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kan, kí n máa gba àlejò. Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ le bí igi ìrókò. Ó ní bí àlejò bá wọlé, kí n dìde. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí n kọjú sí i pátápátá, kí n ya ẹnu mi dáadáa, kí n má máa sọ̀rọ̀ sínú ìwé tó wà níwájú mi. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé ohun tí a ò bá ní, kí n tètè sọ pé a ò ní in, kí n tó wá sọ èyí tí a ní. Mo bẹ ìyá mi pé láti òní lọ, èmi ni kí n máa dá àwọn tó ń wá ilé lóhùn ní Sátidé àti Sọ́ńdè tí mo bá wà nílé. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì lo fẹ́ fi gbà wọ́n?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò." Ó kọ hàà, àmọ́ ó gbà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọkùnrin náà dé. Ó ga, ó gbẹ, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò tíì sùn. Ó ní àwọn tó ń ta ọjà ní ibùdókọ̀ ló júwe ilé fún òun. Mo dìde, mo fún un ní àga, mo bu omi tútù fún un. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Ọkùnrin náà ní, "Sísí, ẹ má bínú, ìbéèrè mi pọ̀ díẹ̀."

Mo ní, "Ọ̀gá, ìbéèrè ò ní kí á má gbà yín. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Ẹ bi mí."

Ó béèrè iná. Mo sọ fún un pé a ò tíì ní iná mànàmáná, òpó rèé ní ìdùbúlẹ̀ bó ṣe rí i, mi ò sì lè dá ọjọ́ fún un. Mo ní àtùpà là ń lò, kẹrosíìnì sì wà ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí wa. Ó ní ọjọ́ tí iná bá wá dé ńkọ́? Mo ní mítà kan ni wọ́n máa fún ilé, gbogbo wa la ó jọ máa pín owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye gílóòbù tí kálukú ní, a ó sì máa gbé bíìlì náà síta kí gbogbo ojú rí i. Ó mi orí.

Ó béèrè omi. Mo mú un lọ sídìí kànga. Mo sọ fún un pé omi náà dára láti fi wẹ̀ àti láti fi fọṣọ, pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, ó máa ń lọ sílẹ̀, a sì ní láti fún okùn ní gígùn sí i. Mo ní ti mímu, a máa ń sè é ká tó mu ún. Mo fi ilé ìwẹ̀ hàn án, mo fi ṣalángá hàn án, mo sì sọ fún un pé àwa obìnrin ilé ló ń gbá àyíká rẹ̀, pé bó bá níyàwó, ìyàwó náà á ní ọjọ́ tirẹ̀. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, ó lórùlé, kálukú ní igun àdògán tirẹ̀. Ó tún mi orí, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni àdéhùn ilé ṣe rí?"

Ibí yìí ni mo ti múra sílẹ̀ jù, nítorí mo ti ní kí akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì wa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo ní, "Ọdọọdún ni, Ọ̀gá. A ó kọ àgírímẹ́ǹtì, ẹ ó fọwọ́ sí i, Màmá á tẹ̀ka sí i, ẹ̀dà kan á wà lọ́wọ́ yín. Rìsíìtì ni fún gbogbo owó tí ẹ bá san. Bí òrùlé bá jò, àwa la máa tún un ṣe. Bí ẹ bá fọ́ gíláàsì, ẹ̀yin lẹ máa rà á. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíràn sínú yàrá kí ẹ máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ kí ẹ kó jáde, tàbí tí ẹ̀yin fẹ́ kó lọ, ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ á kọ̀wé oṣù mẹ́fà fún ẹnì kejì. A kì í sọ ẹrù èèyàn síta nínú ilé yìí."

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, ṣíṣa ẹ̀wà dúró. Mo mọ̀ pé orí ìyá mi ti wú, ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ bí lọ́yà. Èmi náà ń yangàn. Mo ti ń rí ayálégbé lójú mi kedere, ẹní rẹ̀, ìkòkò rẹ̀, gbogbo rẹ̀.

Ìgbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ààbò.

Ó ní, "Ta ló ń ṣọ́ ilé lóru?" Mo ní ọlọ́dẹ kan wà, àgbàlagbà ará Ìbà, gbogbo àdúgbò la jọ ń san owó rẹ̀. Ó ní, "Ìgbà wo ló máa ń dé?" Mo sọ fún un. "Ṣé ó máa ń sùn?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní a ò tíì ká a mọ́ ọn. Ó dìde, ó lọ sídìí fèrèsé, ó tì í wò, ó fà á wò. Ó ní, "Ṣé èèyàn lè ṣí èyí láti ìta? Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́? Ṣé ẹ ní ajá? Yàrá wo ni Màmá ń sùn?"

Ìyá mi húkọ́. Ó tún húkọ́. Ó wá pariwo, "Wá bá mi gbé ìkòkò yìí o!" Kò sí ìkòkò kankan lórí iná. Mo wọlé bá a, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Olè ni."

Mo ní, "Màmá!"

Ó ní, "Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ní Mushin! Wọ́n wá béèrè yàrá, wọ́n béèrè ibi tí à ń sùn, lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n wá kó wa. Bàbá ẹ ló gba àdá lápá. O ti sọ gbogbo àṣírí ilé tán! Dá a dúró, mò ń bọ̀."

Kí n tó lè sọ̀rọ̀, ó ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Ẹni ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mi ò lè bá a jà. Èmi náà ti ń fura. Mo padà sí pálọ̀, mo jókòó, mo bu omi sí i fún ọkùnrin náà, mo ń rẹ́rìn-ín tó le gbagidi lẹ́nu mi.

Kò pẹ́ tí ọlọ́dẹ fi wọlé, oorun ọ̀sán ṣì wà lójú rẹ̀, àdá wà lábíyá, bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọrogùn. Ọlọ́dẹ ní, "Ẹ̀yin lẹ ń béèrè mi?"

Ẹ̀yin ará, ọkùnrin náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọlọ́dẹ. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, kí lẹ máa ń ṣe tí ará ilé fi ń mọ̀?"

Ọlọ́dẹ wo ìyá mi. Ó ní, "Mo máa ń fọn fèrè. Mo tún máa ń lu irin. Àwọn ará Ìbà pàápàá á gbọ́."

Ojú ọkùnrin náà bá fà ro. Ó padà jókòó. Ó ní, "Ìyàwó mi ò ní gbọ́."

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní èbúté Àpápá, òun wà lára àwọn tó ń já sìmẹ́ǹtì tó ń dà wọ̀lú yẹn. Àìsàn ti dí etí ìyàwó rẹ̀ láti kékeré, kò gbọ́ ohunkóhun. Ó sì lóyún. Gbogbo òru tí òun bá wà ní èbúté, ọkàn òun kì í sí lára òun, nítorí bí ilé bá ń jó, bí olè bá ń já ilẹ̀kùn, ariwo gbogbo ayé kò lè jí i.

Ìyá mi rọra fi ọmọrogùn náà pamọ́ sẹ́yìn ìró.

Ni mo bá rántí ẹ̀kọ́ mi, mo kọjú sí i, mo ní, "Ọ̀gá, ká má parọ́ fún yín, a ò ní ohun tó lè jí ẹni tí kò gbọ́ràn. Àmọ́ ẹ mú wọn wá lọ́la, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ilé. Ẹ jẹ́ ká jọ ronú sí i." Ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyá mi ní, "Àánú wọn ṣe mí. Ṣùgbọ́n oṣù ti ń parí, onísìmẹ́ǹtì sì ní òun ń kówó bọ̀ lọ́la."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí a ti ìjọsìn dé, wọ́n wá. Obìnrin náà kúrú, ó dúdú, ó rẹwà, oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, kò lahùn. Mo kọjú sí i, mo sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lọ́fíìsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó." Ojú rẹ̀ là. Ó fọwọ́ ṣe àpèjúwe fún ọkọ rẹ̀, ó tún wò mí. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ẹnu ló máa ń wò. Ó ní tiyín yé òun ju ti gbogbo èèyàn lọ." Inú mi dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Obìnrin líle tó kọ́ mi níṣẹ́ kò mọ ohun tó fún mi.

Mo mú un yí ilé ká. Ó ṣí àwọn fèrèsé bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò gbọ́ràn, fèrèsé ni etí rẹ̀, mi ò ronú kan ìyẹn rí. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ó ní, "Nínú àdéhùn yín, ṣé ẹ lè lé wa nítorí pé mi ò dáhùn ìkíni?"

Ọkọ rẹ̀ ṣàlàyé, ó ń wo ilẹ̀. Ilé méjì ni wọ́n ti lé wọn. Àwọn ará ilé á kí ìyàwó rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn. Bí ó bá ń fọ abọ́, onílé á kọjá, á ní ẹ kú iṣẹ́, kò ní wẹ̀yìn. Wọ́n ní ó ń gbéra ga, kò lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé etí rẹ̀ di ní irọ́ ni, pé ṣebí ó ń sọ̀rọ̀.

Mo kọjú sí i. Mo ní, "Rárá, mà. Kò sí nínú àdéhùn wa. Oṣù mẹ́fà lẹ ní, tí a bá tilẹ̀ fẹ́ gba ilé. A kò sì ní gbà á nítorí ìkíni." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo yíjú sẹ́yìn, nítorí èmi kọ́ ni mo nilé.

Ìyá mi ti kúrò níbẹ̀. Mo rò pé ó ti lọ pàdé onísìmẹ́ǹtì. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó padà, okùn kànga ògbólógbòó tí a ti pààrọ̀ ló kó lọ́wọ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gun àpótí nínú yàrá rẹ̀, ó ti orí okùn náà sínú ihò atẹ́gùn tó wà lókè ògiri, títí ó fi yọ sí yàrá iwájú. Ó so orí kan mọ́ ìbùsùn ara rẹ̀. Ó wá jáde, ó dúró síwájú obìnrin náà, ó ya ẹnu rẹ̀ gbàù, ó ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ariwo kọ́ ni ibẹ̀ ń fẹ́: "ORÍ KEJÌ, SO Ó MỌ́ ỌWỌ́ Ẹ TÍ O BÁ FẸ́ SÙN. TÍ ỌLỌ́DẸ BÁ FỌN FÈRÈ, ÈMI Á FÀ Á. TÍ INÚ BÁ Ń RUN Ẹ́, ÌWỌ FÀ Á."

Obìnrin náà wò ó títí. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde.

Ìyá mi ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò gbọ́ ìkíni, ẹ dúró síwájú ẹ̀ kí ẹ kí i. Ṣé iṣẹ́ ńlá nìyẹn?" Ó kọjú sí mi. "Kọ ìyẹn náà sínú àgírímẹ́ǹtì."

Mo kọ ọ́ sí i. Onísìmẹ́ǹtì dé nírọ̀lẹ́, ó bá obìnrin náà tó ń gbálẹ̀ nínú yàrá tó fẹ́ dí fèrèsé rẹ̀. Ìyá mi fún un ní obì, ó ní, "Ẹ má bínú, ilé ti léèyàn."

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sùn níbẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́, ìbùsùn ìyá mi mì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fò dìde, ó mú ọmọrogùn, ó sáré já sí yàrá iwájú. Obìnrin náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Kò sí olè, kò sí inú rírun. Ó kàn fẹ́ kí onílé ni. Ìyá mi bínú fún ìṣẹ́jú kan, ó wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àárọ̀ kan tí wọn kò fa okùn náà. Obìnrin náà á fà á, ìyá mi á fà á padà, á sì sọ sókè pé, "Káàárọ̀ o, ọmọ mi," bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ẹni tó wà lódì kejì ògiri kò gbọ́.

Obìnrin náà bímọ ní ayọ̀. Òpó iná dìde nígbẹ̀yìn, iná dé, ẹnìkan sì sọ fún ìyá mi pé gílóòbù tó ń tàn, tó ń kú, lè máa ṣe iṣẹ́ okùn yẹn. Ìyá mi ní kó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ náà ti tó jókòó, mo ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ti kọjá sí òdì kejì títì, mo ń dúró de ọkọ̀, eruku ń fẹ́. Nínú ilé, okùn ìyá mi ń mì ṣáá láìdáwọ́ dúró, ó sọ fún mi nígbà tí mo dé. Ó lọ wò ó, ó rí ọmọ náà tó jókòó sáàárín ìbùsùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú, ó ń kí i ní ìkíni tó rí ìyá rẹ̀ tó ń kí. Ìyá mi gbé e sókè. Èmi ò rí gbogbo ìyẹn. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé mo dúró lójú títì Àgbádárìgì, fèrèsé bàbá mi ṣí sílẹ̀, mo sì gbọ́ ẹ̀rín ọmọdé.